Ta ni Yóò San Gbèsè Ìjọba, Ta ni Gbèsè náà sì Ń Tì Sẹ́gbẹ̀ẹ́?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá síwájú yín jẹ́ ọ̀rọ̀ owó. Ṣùgbọ́n kì í ṣe owó tí ó wà nínú àpò wa ni mo fẹ́ sọ, bí kò ṣe èyí tí ìjọba yá ní orúkọ wa. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń jiyàn lórí rẹ̀ fún ohun tí ó ju igba ọdún lọ. Nítorí pé àríyànjiyàn wọn le láti gbọ́ lásán, èmi yóò gbé e wá sí ibi tí gbogbo wa mọ̀, èyíinì ni ibùdó ọkọ̀ ní Máìlì 2, níbi tí ọ̀nà Àgbádárìgì àti ọ̀nà Àpápá ti pàdé.

Kò sí ẹni tí ó ń gbé Fẹ́sítáàkì tàbí ibòmíràn ní Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin tí ó lè gbàgbé ọdún 2023. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà, nǹkan bí 185 náírà ni wọ́n ń ta lítà epo bẹntiróòlù kan ní ilé epo. Iye yẹn kì í ṣe iye tí epo náà tọ́ sí. Ìjọba ni ó ń san ìyókù, èyí tí a ń pè ní owó ìrànwọ́ orí epo, tí àwọn ará ọjà sì ń pè ní sọ́búsídì. Nínú ètò ìnáwó ọdún náà, 3.36 tírílíọ̀nù náírà ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un, fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ nìkan. Owó tí ó ń wọlé fún ìjọba kò tó ìnáwó rẹ̀, nítorí náà ó yá èyí tí ó kù. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, ọjọ́ tí wọ́n búra fún Ààrẹ Tinubu, ó kéde pé owó ìrànwọ́ náà ti dópin; kí ó tó di ọjọ́ kẹta, 488 náírà ni wọ́n ń ta lítà kan ní Èkó.

Mo fẹ́ kí ẹ bá mi wo owó ìrànwọ́ yìí gẹ́gẹ́ bí ìdínkù owó orí tí a fi gbèsè san. Bí ìjọba bá mú 1,000 náírà kúrò nínú owó orí tí ó yẹ kí o san, tàbí bí ó bá bá ọ san 1,000 náírà lórí epo rẹ, ẹ̀bùn kan náà ni ó dé ọwọ́ rẹ. Ìyàtọ̀ kan wà, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má bàa mú mi lọ́rọ̀: ẹni tí ó bá jó epo jù ni ó ń gba ẹ̀bùn jù, nítorí náà ó ń mú kí ènìyàn jó epo ju bí ó ti yẹ lọ. Ìdínkù owó orí tí ó bá gbogbo ènìyàn dọ́gba kò ní àbùkù yìí. Ṣùgbọ́n ní ti ìbéèrè wa, ọ̀kan náà ni wọ́n: nígbà tí ìjọba bá fi owó sílẹ̀ fún wa lónìí, tí ó sì yá owó láti dí àlàfo rẹ̀, ṣé a ti rí nǹkan gbà ní tòótọ́, àbí a kò rí nǹkan kan?

Ẹni tí ó kọ́kọ́ ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí dé ìdí ni David Ricardo, ará Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tí a bí ní 1772. Kì í ṣe olùkọ́ ilé-ìwé. Oníṣòwò ìwé gbèsè ni, ó sì wà lára àwọn tí ó yá ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lówó nígbà ogun Napoleon, nítorí náà ó mọ gbèsè ìjọba láti inú wá. Ní 1820 ó kọ àròkọ kan lórí bí ìjọba ṣe ń yá owó. Ó ní kí a fi ojú inú wo ogun kan tí yóò ná ìlú ní 20 mílíọ̀nù pọ́n-ùn. Ìjọba lè gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ ará ìlú lẹ́ẹ̀kan náà. Ó sì lè yá a, kí ó máa gba 1 mílíọ̀nù pọ́n-ùn lọ́dọọdún láti fi san èlé títí ayé, bí èlé bá jẹ́ 5 lórí 100. Ricardo ní bí a bá ṣírò rẹ̀ dáadáa, kò sí ìyàtọ̀ láàrin ọ̀nà méjèèjì, nítorí pé ẹni tí ó ní 20 mílíọ̀nù lónìí lè fi í sí ibi tí yóò ti máa mú 1 mílíọ̀nù wá lọ́dọọdún.

Ẹ jẹ́ kí a mú un wá sí ilé wa. Ká ní ìjọba sọ fún ìdílé kan ní Fẹ́sítáàkì pé kí wọ́n fi 100,000 náírà owó orí ọdún yìí sílẹ̀. Ìjọba kò dín ìnáwó rẹ̀ kù rárá. Ó ta ìwé gbèsè 100,000 náírà, ó sì ṣe ìlérí láti san 110,000 padà ní ọdún tí ń bọ̀. Níbo ni yóò ti rí 110,000 náà? Lọ́wọ́ ìdílé kan náà ni. Bí baálé ilé bá gbọ́n, tí ó sì ríran jìnnà, kò ní fi 100,000 náà ra ẹran. Yóò fi ra ìwé gbèsè ìjọba gan-an. Nígbà tí ọdún bá yí, ìjọba yóò san 110,000 fún un, òun yóò sì fi 110,000 náà san owó orí. Ó jẹun bí ó ti ń jẹun tẹ́lẹ̀. Kò lọ́rọ̀ sí i, kò sì tòṣì sí i. Ohun tí ìjọba gbà ní ọwọ́ òsì ni ó fi fún un ní ọwọ́ ọ̀tún.

Ẹ kíyèsí ohun kejì tí ó wà nínú ìṣirò kékeré yìí, nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa rọ̀ mọ́. Ta ni ó yá ìjọba ní 100,000 náà? Ìdílé tí ìjọba fi owó sílẹ̀ fún ni. Ìjọba kò fọwọ́ kan owó tí ẹlòmíràn fi pamọ́ sí bánkì. Oníṣòwò tí ó ń wá owó yá bá owó náà ní ibi tí ó wà ní ìjẹrin, ní iye èlé kan náà. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ Ricardo bá ṣẹ pátápátá, gbèsè tí a fi dín owó orí kù kò lè ti ẹnikẹ́ni sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n bí ìdílé náà bá ná owó náà, ìjọba ní láti wá ayánilówó mìíràn, yóò sì dúró sí ẹnu ọ̀nà bánkì pẹ̀lú àwọn oníṣòwò. Ẹ̀yin tí ẹ bá rántí ọdún tí àwọn ọkọ̀ àjàgbé tí ń lọ sí èbúté Àpápá tò sí ojú ọ̀nà títí dé Máìlì 2, tí ọkọ̀ èrò kò sì rí ibi kọjá, ẹ mọ bí ó ti ń rí nígbà tí ẹni ńlá kan bá gba ọ̀nà. Ìyẹn ni mo ń pè ní ìtìsẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ó yẹ kí n fi kún un pé ti owó orí nìkan ni Ricardo ń sọ, kì í ṣe ti ìnáwó. Nígbà tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kọ́ ojú irin láti Màrínà dé Máìlì 2, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù Kẹsàn-án 2023, sìmẹ́ǹtì, irin àti ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ni ó ná, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè rí owó rẹ̀ tí àwọn nǹkan wọ̀nyí yóò tún wà fún iṣẹ́ mìíràn. Ẹni tí ó bá lo orúkọ Ricardo láti sọ pé ìjọba lè máa náwó bí ó ti wù ú, kò ka ìwé rẹ̀ dé ìdí.

Nísinsìnyí, ṣé báyìí ni àwọn ènìyàn ń ṣe? Ricardo fúnra rẹ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó sọ pé bí ọkùnrin kan bá ní 20,000 pọ́n-ùn, ó ṣòro láti mú un gbà pé 50 pọ́n-ùn lọ́dọọdún títí ayé wúwo tó 1,000 pọ́n-ùn lẹ́ẹ̀kan náà. 50 pọ́n-ùn ni yóò máa wò, yóò sì rò pé òun lówó ju bí òun ti ní lọ. Nítorí èyí ni Ricardo kò fi fẹ́ràn gbèsè ìjọba. Ó pẹ́ kí ẹnìkan tó gbé ọ̀rọ̀ náà dìde gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó ṣeé ṣe ní ayé yìí: Robert Barro, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ní 1974. Àwọn kan ti ń sọ pé bí gbèsè bá pẹ́, ẹni tí ó jẹ ẹ̀bùn yóò ti kú kí owó orí tó dé. Barro dáhùn pé bàbá tí ó ń fi ogún sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ ń ro ti ọmọ náà; bí ó bá mọ̀ pé owó orí yóò bọ́ sí ọrùn ọmọ, yóò fi kún ogún náà títí yóò fi tó san án. Bí gbogbo ìran bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìdílé dàbí ẹnìkan tí kì í kú.

Àwa Yorùbá lè lóye Barro ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ, nítorí pé a mọ ìwọ̀fà. Nígbà tí àwọn baba ńlá wa bá yá owó, ọmọ ni wọ́n máa ń fi ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ ayánilówó. Iṣẹ́ tí ọmọ náà bá ń ṣe lóko ni èlé, kò sì ní bọ́ títí a ó fi san ojú owó. Bàbá tí ó rí i tí ọmọ rẹ̀ ń jí lọ sí oko olóko ní ìdájí mọ ohun tí gbèsè òun ń gbà lọ́wọ́ ilé òun. Ó ṣeé ṣe kí irú bàbá bẹ́ẹ̀ dín oúnjẹ rẹ̀ kù kí ó lè fi owó pamọ́. Gbèsè ìjọba ní ọmọ ìwọ̀fà tirẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n a kì í rí i kí ó jí lọ sí oko. A kò mọ orúkọ rẹ̀. Àwọn àgbà pa á lówe pé àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé; ti gbèsè ìjọba yàtọ̀, nítorí pé ẹlòmíràn ni ó sábà máa ń ru igbá náà.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Máìlì 2 kí a wò ó. Ká ní awakọ̀ dáńfó kan ń ra 40 lítà epo lóòjọ́. Láàrin 185 náírà àti 488 náírà, 303 ni ó wà níbẹ̀. Bí a bá fi èyí ṣe ìdíwọ̀n ohun tí wọ́n ń bá a san, 12,120 náírà ni ẹ̀bùn tí ó ń gbà lójúmọ́. Bí ó bá ṣiṣẹ́ ọjọ́ 25 lóṣù, ẹ̀bùn náà di 303,000 náírà. Bí awakọ̀ yìí bá jẹ́ irú ènìyàn tí ó wà nínú ìwé Barro, ó yẹ kí ó ti máa fi owó tí ó sún mọ́ èyí pamọ́ lóṣooṣù, kí ó sì ní ìwé gbèsè ìjọba lọ́wọ́ ní ọjọ́ tí ìròyìn dé. Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Èmi pẹ̀lú rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ṣírò rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí pé awakọ̀ kò gbọ́n ni kò fi ṣe é. Ìdí wà, ìdí náà ni ó sì ń fi hàn wá ibi tí ẹ̀kọ́ Ricardo ti ń fọ́.

Èkíní, owó náà kò dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí pé gbogbo awakọ̀ ni ó ń ra epo ní owó pọ́ọ́kú, owó ọkọ̀ kéré, èrò tí ń lọ sí Òkókómáíkò ni ó sì jẹ ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀bùn náà. Kò sí ẹni tí ó lè tọ́ka sí iye tí ó kàn án. Tàbí kẹ̀, ta ni ó dá a lójú pé òun ni yóò san án? Ní ilẹ̀ tí owó epo rọ̀bì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún bọ́ ìjọba ju owó orí lọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé epo yóò san gbèsè tí epo dá. Ẹni tí ó ń múra láti lọ sí òkè òkun mọ̀ pé òun kò ní sí nílé nígbà tí agbowó-orí bá dé. Ẹni tí kò bímọ kò ní ẹni tí yóò fi ogún dí gbèsè náà fún.

Ìdí tí ó jinlẹ̀ jù ni ti ẹni tí owó há mọ́ lọ́wọ́. Ẹ wo obìnrin tí ó ń ta ẹja yìnyín. Bí ó bá fẹ́ yá 100,000 náírà lọ́wọ́ àwọn tí ń yá ará ọjà lówó, 5 náírà lórí 100 ni èlé rẹ̀ lóṣù kan, tí ó jẹ́ 60 lórí 100 lọ́dún. Bí ìjọba bá fi 100,000 sílẹ̀ fún un lónìí tí yóò sì gba 110,000 lọ́dún tí ń bọ̀, ìjọba ti yá a lówó ní 10 lórí 100, ohun tí kò lè rí níbikíbi. Fún òun, ìdínkù owó orí tí a fi gbèsè san kì í ṣe asán. Ìrànlọ́wọ́ gidi ni. Yóò fi ra ẹja, kò ní fi ra ìwé gbèsè. Ó sì gbọ́n ní ṣíṣe bẹ́ẹ̀. Bí irú rẹ̀ bá pọ̀ ní ìlú, ẹ̀kọ́ ọgbọọgba Ricardo kò lè ṣẹ níbẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà pàápàá, níbi tí bánkì ti pọ̀ tí owó yíyá sì rọrùn, ìdánwò ńlá kan wáyé ní 1981, nígbà tí Ààrẹ Reagan dín owó orí kù gidigidi tí gbèsè ìjọba sì ń pọ̀ sí i. Bí ọ̀rọ̀ náà bá rí bí Barro ti sọ, ó yẹ kí ìdílé máa fi owó pamọ́ sí i. Dípò bẹ́ẹ̀, ìdá tí wọ́n ń fi pamọ́ nínú owó wọn dínkù kí ọdún mẹ́wàá náà tó parí. Àwọn tí ó gba ti Barro ní àwíjàre, nítorí pé ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn yí padà ní àkókò kan náà. Ní tèmi, mo gbà pé àwọn kan ń fi díẹ̀ pamọ́ nítorí gbèsè ìjọba, ṣùgbọ́n èyí kì í tó láti dí gbogbo àlàfo rẹ̀.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ìtìsẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ́dọ̀ wà. Ibi tí ó wà ni mo fẹ́ fi hàn yín, nítorí pé ó sún mọ́ wa ju bí a ti rò lọ. Ìjọba àpapọ̀, nípasẹ̀ Bánkì Àpapọ̀, máa ń ta ìwé gbèsè kúkúrú tí a ń pè ní tírẹ́ṣọ́rì bíìlì. A kì í san èlé lórí rẹ̀ ní tààrà. Ẹ̀dínwó ni wọ́n fi ń tà á. Ní oṣù Kínní 2024, ẹ̀dínwó lórí ti ọjọ́ 364 kò tó 12 lórí 100. Ní oṣù Kejì ó fò dé 19. Ẹni tí ó bá ra ìwé 1,000,000 náírà ní 19 yóò san nǹkan bí 810,000 lónìí, yóò sì gba 1,000,000 lẹ́yìn ọdún kan. Ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ 19 tàn yín: èrè 190,000 lórí 810,000 jẹ́ 23 àti ààbọ̀ lórí 100.

Ẹ wá wo ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù kan, irú èyí tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ ìjọ wa. Ká ní 12,000,000 náírà ni ó wà nínú àpò ẹgbẹ́, èlé tí wọ́n sì ń gbà lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ jẹ́ 12 lórí 100 lọ́dún. Bí wọ́n bá yá gbogbo rẹ̀ fún ọmọ ẹgbẹ́, èrè ọdún kan jẹ́ 1,440,000, bí gbogbo wọn bá san. Bí akápò bá kó gbogbo rẹ̀ lọ ra ìwé gbèsè ìjọba, yóò di nǹkan bí 14,800,000. Èrè rẹ̀ ju 2,800,000 lọ, kò sì ní wá ẹni tí ó jẹ gbèsè kiri lọ́jọ́ Ìsinmi. Ta ni yóò dá akápò lẹ́bi?

Ní ìpàdé kan náà, obìnrin ẹlẹ́ja wa béèrè 2,000,000 láti ra fìríìsà ńlá àti ẹ̀rọ tí ń fa iná láti ara oòrùn, kí ẹja má bàa máa bàjẹ́ nígbà tí iná bá lọ. Ó ti ṣírò rẹ̀ pé yóò mú 400,000 wá lọ́dún lẹ́yìn ìnáwó, èyí tí ó jẹ́ 20 lórí 100. Bí ẹgbẹ́ bá yá a ní 12, 240,000 ni èlé, 160,000 ni yóò sì kù fún un. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ní àwọn kò lè gba ohun tí ó kéré sí ti ìjọba. Ní 24 lórí 100, èlé náà di 480,000. Ó ju èrè rẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tí ó lé e. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ká ìwé rẹ̀ tí ó sì jókòó. Ní ìwé àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́, kò sí ibi tí a kọ ọ́ sí pé fìríìsà kan kò sí nítorí pé ìjọba yá owó. Ohun tí ìtìsẹ́gbẹ̀ẹ́ ń mú lọ kì í ní ibojì tí a lè lọ wò. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí pẹ̀lú àwọn tí ó tóbi ju ẹgbẹ́ wa lọ: ìwé gbèsè ìjọba àpapọ̀ ni ó ju ìdajì owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ ilẹ̀ yìí lọ.

Èmi kò gbọdọ̀ sọ fún yín pé gbèsè nìkan ni ó gbé èlé náà sókè. Ní oṣù Kejì 2024 náà, Bánkì Àpapọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ gbé èlé ìpìlẹ̀ rẹ̀ láti 18.75 sí 22.75, láti fi bá ọ̀wọ́n ọjà jà. Síwájú sí i, ọdún 2020 dàbí ẹni pé ó ta ko gbogbo ohun tí mo ti ń sọ. Ìjọba yá owó púpọ̀ ní ọdún àrùn kòrónà, síbẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ẹ̀dínwó lórí ìwé ọdún kan kò tó 1 lórí 100. Níbo ni ìtìsẹ́gbẹ̀ẹ́ wà nígbà náà?

Ìdáhùn rẹ̀ wà ní ibi méjì. Ní oṣù Kẹwàá 2019, Bánkì Àpapọ̀ ti kọ̀ fún àwọn ènìyàn àti ilé-iṣẹ́ inú ilẹ̀ yìí láti máa ra irú ìwé kejì tí òun ń tà ní orúkọ ara rẹ̀. Nítorí náà owó púpọ̀ rọ́ lọ sí orí tírẹ́ṣọ́rì bíìlì, àwọn tí ń wá a sì pọ̀ ju ìwé lọ. Ìkejì ni pé kì í ṣe ọjà nìkan ni ìjọba ti ń yá owó. Ó ń gbà á lọ́wọ́ Bánkì Àpapọ̀ fúnra rẹ̀. Òfin bánkì náà ti 2007 sọ pé irú àwìn bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 5 lórí 100 owó tí ó wọlé fún ìjọba ní ọdún tí ó kọjá, kí wọ́n sì san án kí ọdún tó parí. Wọn kò tẹ̀lé e. Ní oṣù Karùn-ún 2023, Ilé Aṣòfin fọwọ́ sí i pé kí 22.7 tírílíọ̀nù náírà irú àwìn yìí di gbèsè ogójì ọdún, ní èlé 9 lórí 100. Èlé ọdún kan lórí rẹ̀ ju 2 tírílíọ̀nù lọ.

Owó tí Bánkì Àpapọ̀ bá dá sílẹ̀ báyìí kì í dúró sí ẹnu ọ̀nà bánkì pẹ̀lú oníṣòwò, nítorí náà èlé kò ní gòkè. Ọjà ni ó máa ń wọ̀. Ní oṣù Kọkànlá 2020 tí èlé kò tó 1, ọ̀wọ́n ọjà jẹ́ 14.89 lórí 100. Ní oṣù Kejì 2024 ó ti dé 31.70. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá gbèsè ìjọba ń wúwo, ẹ má ṣe wo èlé nìkan. Ẹ fi èlé sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀wọ́n ọjà. Akápò wa tí ó gba 23 àti ààbọ̀ rò pé òun jèrè; ṣùgbọ́n bí ọjà bá ń gòkè ní 31.70 fún ọdún kan, ohun tí 12,000,000 ń rà yóò di ohun tí 15,800,000 ń rà, nígbà tí 14,800,000 ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun pẹ̀lú ti san owó orí, láìsí agbowó-orí kankan tí ó kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ìyẹn ni Ricardo ì bá fi kún ìwé rẹ̀ bí ó bá gbé láàrin wa: gbèsè náà kò sọnù, ó padà dé gẹ́gẹ́ bí ó ti wí, ṣùgbọ́n ó wá bá ẹni tí ó fi náírà pamọ́, kì í ṣe ẹni tí ó jó epo náà.

Ẹnìkan lè sọ pé bí ọjà bá ń gòkè, èrè obìnrin ẹlẹ́ja náà yóò gòkè pẹ̀lú, kí ni kò jẹ́ kí ó gba owó náà ní 24? Òtítọ́ ni ní apá kan. Ṣùgbọ́n oṣù tí ń bọ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í san án, kí owó ẹja tó gòkè. Àwọn oníbàárà rẹ̀ sì ni ọ̀wọ́n ọjà kan náà ń gba owó lọ́wọ́ wọn.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kínní 2026, òfin owó orí tuntun ti yọ ẹni tí owó ọdún rẹ̀ kò ju 800,000 náírà lọ kúrò nínú sísan owó orí. Àwọn kan ti ń béèrè lọ́wọ́ mi bóyá irú ẹ̀bùn epo ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní dandan: bí ìjọba bá gba àlàfo náà lọ́wọ́ àwọn olówó, tàbí bí ó bá dín ìnáwó rẹ̀ kù, kò sí gbèsè nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ èyí tí ó jẹ́ lè wo èsì títa tírẹ́ṣọ́rì bíìlì, tí wọ́n máa ń tẹ̀ jáde. Kí ó má ṣe ka gbogbo ìwé tí wọ́n tà sí gbèsè tuntun, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n fi ń san èyí tí ọjọ́ rẹ̀ pé ní ọ̀sẹ̀ náà. Kí ó yọ iye tí ọjọ́ rẹ̀ pé kúrò nínú iye tí wọ́n tà. Bí ohun tí ó kù bá ń pọ̀ sí i láti oṣù dé oṣù, ẹnìkan ní Máìlì 2 ti ń ká ìwé rẹ̀.